Wáyà HDMI tó gbé dikódà tí kò gbé géèmù: iṣẹ́ ilé Alhaja ní Gáà Akàńbí, Ìlọrin

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo pè é. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ná ẹgbẹ̀rún 30 náírà tí n kò lè kà sí Alhaja lọ́rùn, nítorí àṣìṣe tèmi ni. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n àti iye owó, fún ẹni tó bá fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n 4K kọ́ ògiri kí ẹ̀rọ tó ń fún un ní àwòrán sì wà níbòmíì.

1. Ìwọ̀n

Tẹlifíṣọ̀n náà jẹ́ ínṣì 55. Àwòrán rẹ̀ ń yí ní ìgbà 60 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 60 yẹn sọ́kàn. Ọmọ Alhaja tó ń gbé Èkó ló rà á ránṣẹ́.

Alhaja kò fẹ́ rí wáyà lójú ògiri, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn máa tẹ dikódà bí ẹni tẹ dùrù. "Injiníà, bá mi wá ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ní tó." Ibi tí a rí ni kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri òdìkejì, tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́.

Tí èèyàn bá dúró láàárín pálọ̀, ó lè rò pé mítà 5 ló wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n wáyà kì í fò. Láti kọ́bọ́ọ̀dù dé sílìǹgì jẹ́ mítà 2.2. Orí sílìǹgì láti ògiri dé ògiri jẹ́ 5.1. Láti sílìǹgì sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 1.5. Mo fi 0.9 kún un fún orí méjèèjì, kí wáyà má baà fà tan-in níbi tí ó ti wọ ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ di 9.7. Mo pinnu láti ra mítà 10.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà ni páìpù. Orí wáyà HDMI fẹ̀ tó nǹkan bíi milimítà 20, nítorí náà páìpù iná ti milimítà 20 kò gbà á rárá. Mo lo ti milimítà 32, mo sì fi béńdì gígùn tó rọra yí ṣe igun méjèèjì dípò èyí tó ṣẹ́ gbàgà. Páìpù yìí ló gbà mí sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

2. Wáyà àkọ́kọ́, ₦8,500

Ní ojú ọ̀nà Taíwò ni mo ti rà á. Lára ọ̀rá rẹ̀ wọ́n kọ "4K ULTRA HD", wọ́n kọ "2.0", wọ́n tún kọ ọ́ pé wúrà ni wọ́n fi kun orí rẹ̀. Ojú mi dán bí ti orí wáyà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára wáyà gan-an ni "HIGH SPEED HDMI CABLE", n kò sì kà á sí.

Mo dán an wò kí n tó fà á wọlé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé n kò dán an wò. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi láptọ́ọ̀pù mi sí orí kan, mo fi tẹlifíṣọ̀n sí orí kejì. Láptọ́ọ̀pù gbé 3840 × 2160 jáde, àwòrán mọ́ kedere fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ṣẹ́jú rárá. Mo ní ó ti parí. Mo fà á gba inú páìpù, a rẹ́ ògiri, kúńlékúńlé kun ún. Dikódà ṣiṣẹ́. Alhaja gbàdúrà fún mi, mo gba owó mi, mo lọ.

3. Géèmù dé

Nígbà Iléyá, ọmọ Alhaja bọ̀ láti Èkó, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù wá fún ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọdún ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́.

Ohun tí mo bá nìyí. Tí wọ́n bá tan géèmù, àwòrán á jáde, tó dára gan-an. Lẹ́yìn díẹ̀, àmì funfun kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, á sì kú káàkiri ojú àwòrán, bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́n iyọ̀ sórí aṣọ dúdú. Lẹ́yìn náà gbogbo ojú rẹ̀ á dúdú fún bíi sẹ́kọ́ńdì méjì, á tún padà. Nígbà míì kò ní padà mọ́, tẹlifíṣọ̀n á kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkankan. Àmọ́ tí a bá yí i sí dikódà, kò sí wàhálà kankan.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru iná, torí iná ọjọ́ náà ń lọ ó ń bọ̀. A tan jẹnẹrétọ̀, bákan náà ni. Mo yí wáyà láti HDMI 1 sí HDMI 2, ó dára lójijì! Mo ti fẹ́ sọ fún wọn pé ihò HDMI 1 ló jóná, kí n tó rántí wo sẹ́tíǹgì. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n 4K, ihò kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a ti ń ṣí i fún ẹrù kíkún, ìyẹn gbogbo ìsọfúnni àwòrán tí wáyà ní láti gbé. Ti Samsung ń jẹ́ `Input Signal Plus`, ti LG ń jẹ́ `HDMI Deep Colour`, ti Sony ń jẹ́ `HDMI signal format`. Wọ́n ti ṣí HDMI 1, wọn kò ṣí HDMI 2. Ní HDMI 2, tẹlifíṣọ̀n sọ fún ẹ̀rọ géèmù pé kó dín àwọ̀ tó ń kó ránṣẹ́ kù, ẹ̀rọ náà sì gbọ́. Ẹrù fúyẹ́, ni wáyà bá gbé e.

Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún oníbàárà lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ro ó, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Alhaja mọ ohun tó rà, ó rí i pé àwọ̀ kò rí bó ṣe rí ní Èkó. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá ìdí ẹ̀."

4. Ìdí rẹ̀

Mo gbé ẹ̀rọ géèmù wá sórí àga lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo fi wáyà mítà 1.8 tó bá a wá nínú páálí so ó mọ́ HDMI 1 tó wà ní ṣíṣí. Fún wákàtí kan gbáko, àmì funfun kan kò yọjú. Tẹlifíṣọ̀n kò bàjẹ́, géèmù kò bàjẹ́. Wáyà mi tó wà nínú ògiri ni.

Kí ló dé tó fi yege nínú ṣọ́ọ̀bù? Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi, mo wọ `Settings > System > Display > Advanced display`. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: 3840 × 2160, 30 Hz. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, ihò HDMI rẹ̀ kò lè ju ìgbà 30 lọ ní 4K. Ìdajì ẹrù ni mo fi dán wáyà wò, mo wá ní kó lọ gbé odindi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn, torí òun ló yé mi jù gbogbo ọ̀rọ̀ ara ọ̀rá lọ. Àwòrán 4K ní dọ́ọ̀tì 3840 ní ìbú àti 2160 lóròó. Tí a bá fi àlàfo etí rẹ̀ tí ojú kì í rí kún un, ó di 4400 àti 2250. Dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 24 fún àwọ̀, ṣùgbọ́n HDMI máa ń fi bíìtì méjì kún mẹ́jọ mẹ́jọ nígbà tó bá ń kó o sórí wáyà, ìyẹn ló sọ ọ́ di 30. Nọ́ńbà kẹta nísàlẹ̀ yìí ni iye ìgbà tí àwòrán ń yí ní sẹ́kọ́ńdì kan.

```
4K, 30 Hz:    4400 × 2250 × 30 × 30 =  8 910 000 000
4K, 60 Hz:    4400 × 2250 × 60 × 30 = 17 820 000 000
1080p, 60 Hz: 2200 × 1125 × 60 × 30 =  4 455 000 000
```

Èyí túmọ̀ sí gígábíìtì 8.91, 17.82 àti 4.455 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Dikódà Alhaja kò ju ti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ. Ti láptọ́ọ̀pù mi ni 8.91. Géèmù ní tirẹ̀ ń béèrè 17.82.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí orúkọ ara wáyà ń sọ. "High Speed" lásán, èyí tí mo rà, 10.2 gígábíìtì ni ìdánwò rẹ̀ dé. "Premium High Speed" dé 18. "Ultra High Speed" dé 48, òun sì ni ti tẹlifíṣọ̀n tó ń yí ní ìgbà 120 tàbí ti 8K. Láti 2025, wọ́n ti gbé èyí tó ń jẹ́ Ultra96 jáde, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n Alhaja kò mọ̀ ọ́n rí. Nítorí náà, wáyà mi kò parọ́ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ ló ń sọ̀sọkúsọ: "4K" wọlé sínú 10.2 tó bá jẹ́ ìgbà 30, kò wọlé tó bá jẹ́ ìgbà 60 pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. "2.0" àti "2.1" tí wọ́n ń kọ sára ọ̀rá wáyà ní tiwọn, orúkọ ihò ara ẹ̀rọ ni, kì í ṣe orúkọ wáyà. Wúrà orí rẹ̀ kì í jẹ́ kó dípẹtà, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú iye ẹrù.

Gígùn tún wà níbẹ̀. Bí wáyà kọ́pà bá ṣe ń gùn sí i ni sígínà inú rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, bí ẹrù bá sì ṣe ń yára tó ni ó ń tètè rẹlẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí wáyà kan náà fi lè gbé 4.455 dé mítà 10 kó sì kọsẹ̀ lórí 17.82. Kò sí ìwé òfin tó sọ pé mítà báyìí ni òpin. Ìdánwò ni òpin, gígùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń dán wò lọ́tọ̀: pé ti mítà 2 yege kò sọ pé ti mítà 10 láti ilé iṣẹ́ kan náà yege. Nínú èyí tí mo rí ní ọjà, "Premium" tó jẹ́ kọ́pà lásán kì í sábàá kọjá mítà 5, ti "Ultra" sì sábà máa ń dúró ní mítà 3.

5. Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí, ₦30,000

Mo kọ́kọ́ bẹ Alhaja pé kí a gbé géèmù sórí pákó kékeré kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, wáyà mítà 2 á sì ti tó. Wọ́n wò mí. "Ṣé torí kí n lè máa wo páálí lára ògiri ni mo ṣe san owó páìpù?" N ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mo wá dá a rò pé tí mítà 5 bá yege, mítà 5 lọ́nà méjì á di 10. Mo padà lọ Taíwò, mo ra "Premium High Speed" méjì, ₦14,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti orí ìsopọ̀ kékeré tó ní ihò níwájú àti lẹ́yìn, ₦2,000. Lọ́tẹ̀ yìí n kò gba ọ̀rá gbọ́. Sítíkà kan wà lára páálí tó ń dán bí òṣùmàrè tí a bá yí i síwá sẹ́yìn. Mo gbé áàpù `HDMI Cable Certification` sórí fóònù mi, mo ya sítíkà náà, ó sì mú orúkọ wáyà àti gígùn rẹ̀ jáde. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ní sítíkà tó jọ ọ́, àwòrán lásán ni, fóònù kò rí nǹkan kan kà lára ẹ̀. Mo jáde níbẹ̀ ní jẹ́jẹ́.

Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀ Alhaja, n kò tíì fi ọwọ́ kan páìpù. Mítà 5 àkọ́kọ́ nìkan: kò sí àléébù. Ìkejì nìkan: kò sí àléébù. Mo so wọ́n pọ̀: àmì funfun dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ń dúdú lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kì í ṣe pé àwọn wáyà yẹn burú. Mítà 10 ni sígínà ń rìn, a tún wá fi ojú oríkèé kan sáàárín ọ̀nà, sígínà á sì máa ta padà díẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò mítà tí mo ṣe, ti aṣọ àǹkárá ni.

Àwọn wáyà méjèèjì wà nínú àpótí mi, wọ́n á wúlò nílé ẹlòmíì. Orí ìsopọ̀ ni mo kábàámọ̀.

6. Wáyà fáíbà, mítà 15, ₦62,000 àti ₦3,000 fún wéèbíìlì

Ọmọ Alhaja ló san èyí. Ó rà á ní Èkó, ó fi í ránṣẹ́ nípa mọ́tò.

Fáíbà kì í kó sígínà gba inú kọ́pà. Ẹ̀rọ bíńtín kan wà nínú orí rẹ̀ tó ń sọ sígínà di ìmọ́lẹ̀, òmíràn wà ní orí kejì tó ń sọ ọ́ padà. Ìmọ́lẹ̀ kì í rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí mítà díẹ̀, nítorí náà mítà 15 tàbí 30 kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Kò nílò iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń fa ìwọ̀nba iná látinú ihò HDMI. Èyí tí a rà jẹ́ ti gígábíìtì 18. Ti 48 wà, ó wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé kí ẹ rántí 60: tẹlifíṣọ̀n yìí kò lè gba jù bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ ni mo fi dán an wò, n kò fi láptọ́ọ̀pù mi dán an mọ́. HDMI 1 wà ní ṣíṣí, mo sì wo sẹ́tíǹgì géèmù láti rí i pé 2160p àti 60Hz ló wà níbẹ̀. Wákàtí méjì. Ọmọ-ọmọ Alhaja ló ń ṣe ìdánwò náà fún mi, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ṣe é.

Fífà rẹ̀ gba sùúrù. A kì í so okùn mọ́ orí fáíbà kí a máa fà á, orí yẹn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Mo so okùn ọ̀rá mọ́ ara wáyà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹ̀yìn orí, mo fi téèpù wé e kó rí ṣóńṣó, ọmọ-iṣẹ́ mi ń tì í láti kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ń fà á láti orí sílìǹgì. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ po níbikíbi, gíláàsì tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Wáyà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú páìpù, ṣùgbọ́n milimítà 32 gba méjèèjì. Gígùn tó ṣẹ́kù, tó ju mítà 5 lọ, mo ká a ní òbìrí gbòòrò tó tó àwo ìjẹun ńlá, mo gbé e lé orí sílìǹgì, n kò dì í pinpin.

Mo so ó. Mo tan géèmù. Òkùnkùn.

Mo tú u, mo tún so ó. Òkùnkùn. Òógùn bò mí. Mo rò pé mo ti ṣẹ́ ₦62,000 nínú béńdì. Ọmọ-iṣẹ́ mi ló tan tọ́ọ̀ṣì sí orí tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n kọ nǹkan síbí." Wọ́n kọ `SOURCE`. Fáíbà kì í ṣe bí kọ́pà tí a lè fi orí èyíkéyìí síbikíbi. Orí tí wọ́n kọ `SOURCE` sí gbọ́dọ̀ wọ inú géèmù, èyí tí wọ́n kọ `DISPLAY` sí ni ti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ mo fi í síbi tó yẹ láìmọ̀, nígbà tí mo ń fà á ni mo yí i. A fà á jáde pátápátá, a sì tún fà á wọlé, wákàtí kan àti ààbọ̀ mìíràn. Ní báyìí mo máa ń lẹ téèpù pupa mọ́ orí `DISPLAY` kí ó tó kúrò nínú páálí.

7. Bó ṣe wà báyìí

Fáíbà wà láàárín géèmù àti HDMI 1, tó wà ní ṣíṣí. Wáyà ₦8,500 tí mo ti ń bú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò kúrò nínú ògiri: òun ló wà láàárín dikódà àti HDMI 2, torí 4.455 kò wúwo fún un. Lẹ́yìn oṣù méjì mo lọ kí Alhaja, mo béèrè bóyá àwòrán géèmù ti ṣókùnkùn rí. Wọ́n ní òun kọ́ ni wọ́n ń wò, àwọn ìmáàmù orí dikódà làwọn mọ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ló dáhùn pé rárá.

Tí wọ́n bá lọ ra tẹlifíṣọ̀n tó ń yí ní ìgbà 120 lọ́jọ́ iwájú, fáíbà ti 18 yìí kò ní tó, ti 48 ni yóò gba ipò rẹ̀. Mo fi okùn ọ̀rá kan sílẹ̀ nínú páìpù fún ọjọ́ yẹn, mo so orí rẹ̀ mọ́ ìṣó lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.